Rẹ́ẹ̀dì ń jó, búlúù ń sinmi: báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé tiransifọ́mà wa fún ìpàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè?

Akọ̀wé Ìtún
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Apá Ọ̀dọgbolú labúlé wa wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dìjà láàárín wa. Tiransifọ́mà kan ṣoṣo la ní, 300 kéfíéè ló wà lára ẹ̀, régbérégbé àwọn bàbá wa ló dáwó rà á nígbà yẹn. Láti bí oṣù mélòó kan báyìí, tó bá ti ń lọ sí aago méje àbọ̀ alẹ́, fíúsì á já, a máa wà lókùnkùn títí wọ́n á fi wá ṣe é, kò ní pẹ́ á tún já. Olórítún wá pè ìpàdé, ó ní kí n ṣàlàyé fún gbogbo ilé nǹkan tó ń fà á àti nǹkan tá a lè ṣe. Àwọn kan ti ń pariwo pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú owó wá ká fi ra 500, àwọn kan ní wẹ́dà tó wà lójú títì ni kí wọ́n lé lọ, ìyá àgbà kan tiẹ̀ ní àwọn tó ń lo éésì ni olè. Ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ iná fi mítà tí wọ́n fi ń gbá wáyà mú wò ó fún wa lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mẹ́jọ ku díẹ̀, ó ní rẹ́ẹ̀dì ń gbé 510 ampíà, yẹ́lò 330, búlúù 190. Ó kọ ọ́ sórí bébà fún mi ó sì lọ. Kí ni kí n fi bébà yìí ṣe níwájú àwọn tí ò mọ ampíà? Ẹ gbà mí o.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò gba àlàyé rárá. 300 ti kéré fún yín, abúlé ti ń dàgbà, àwọn ará Èkó ti kọ́lé síbẹ̀, ẹ lọ ra 500 kẹ́ ẹ sinmi. Bá a ṣe ṣe tiwa ní Rẹ́mọ nìyẹn, iná wa ń tàn wàì.

Àgbà Orí Òpó
Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, rọra. Mo gun òpó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ṣàgámù yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka bébà yẹn ká tó ná owó ìlú.

Akọ̀wé, ẹsẹ̀ mẹ́ta tá à ń pè ní fésì ni tiransifọ́mà yẹn ní, rẹ́ẹ̀dì, yẹ́lò, búlúù. 300 tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ pín in, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni, ẹ fi 240 fóòtì pín in, ẹ máa rí nǹkan bí 417 ampíà. Nǹkan tí fésì kan lè gbé láìṣe ara ẹ̀ léṣe nìyẹn. Ẹ wá wo bébà yín. Rẹ́ẹ̀dì ń gbé 510, ó ti kọjá agbára ẹ̀. Búlúù ń gbé 190, kò tíì gbé tó ìdajì. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 1030 ni, nígbà tó jẹ́ pé tiransifọ́mà yẹn lè gbé 1250 lápapọ̀. Ẹ pín 1030 sọ́nà mẹ́ta, kò ju 343 lọ. Ìyẹn ni pé tiransifọ́mà yín kò tíì kéré, ẹ̀yin lẹ kó gbogbo ẹrù lé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lórí.

Ọ̀pọ̀ ìlú tó ń pariwo ofalóòdù, ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ nìyẹn. Mo ní ìbéèrè kan: ṣé búlúù yẹn já rí, tó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe?

Akọ̀wé Ìtún
Háà! Bàbá, ta ló sọ fún yín? Nígbà òjò tó kọjá ni, wáyà búlúù já lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó wá. Gbogbo wa tá a wà lọ́wọ́ ibẹ̀ la pe àwọn oníná àdúgbò pé kí wọ́n yí wa sí rẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n wá tún búlúù ṣe, kò sẹ́ni tó padà.

Àgbà Orí Òpó
Ẹ ò rí i! Kò sẹ́ni tó máa ń padà, torí lọ́jọ́ tó o yí i, iná tàn, o gbàgbé. Àwọn tó ní ṣéńjì-ófà fésì mẹ́ta nínú ilé tún burú jù, bí fésì tó ń lò bá ti rẹlẹ̀ díẹ̀ báyìí, gbá, ó ti bọ́ sí èyí tó mọ́lẹ̀, ẹni márùn-ún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó mọ́lẹ̀ náà á dákú.

Ìyá Ẹlẹ́ja Yìnyín
Ẹ káàlẹ́ o. Èmi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi bá tiyín mu, Ìjẹ̀bú-Òde lèmi wà, ẹja ni mò ń tà, fíríísà mẹ́ta ni mo ní. Lálẹ́, iná mi kì í ju 160 lọ, fíríísà á kàn máa gbọ̀n rírì kò ní dì. Mo wá ra sitabiláísà ńlá kan, owó gọbọi, ó sì gbé e sókè lóòótọ́ fún bí oṣù kan, ṣùgbọ́n ní báyìí àwọn ará ilé mi náà ti rà, sitabiláísà tèmi ti ń pariwo tà-tà-tà kò gbé e sókè mọ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Àgbà Orí Òpó
Ìyá wa, ó bá a mu dáadáa, ẹ tiẹ̀ ti bá mi ṣàlàyé apá kan. Sitabiláísà kì í dá iná. Tó bá fẹ́ fún yín ní 240 látinú 160, ó gbọ́dọ̀ fa ampíà tó pọ̀ sí i látorí òpó, fíríísà tó ń jẹ ampíà 1 tẹ́lẹ̀, sitabiláísà á fa ampíà kan àbọ̀ fún un. Ampíà tó lé yẹn ló tún ń mú kí fóòtì àwọn ará ilé tó kù wálẹ̀ sí i, àwọn náà á wá lọ ra sitabiláísà tiwọn. Bí gbogbo àdúgbò bá ti rà á tán, ẹ ti fi owó yín kún ẹrù tiransifọ́mà nìyẹn. Tiyín ò ní láti jẹ́ ayédèrú, iná tó ń wọlé ló ti lọ sílẹ̀ ju ibi tọ́wọ́ ẹ̀ tó lọ.

Kí n padà sọ́dọ̀ Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá yẹn. Wáyà kọ́pà tí wọ́n ká ló wà níbẹ̀, bébà ni wọ́n fi wé e, gbogbo ẹ̀ wá wà nínú ọ́ìlì. Rẹ́ẹ̀dì yín fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ lé agbára ẹ̀, àmọ́ ooru kì í lé bẹ́ẹ̀, ooru tí kọ́ìlì rẹ́ẹ̀dì ń ṣe ti di ìlọ́po kan àbọ̀. Bébà yẹn ni ooru ń sun díẹ̀díẹ̀. Bí ooru ibẹ̀ bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 sí 8 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ga ju bó ṣe yẹ lọ, bébà á máa gbó ní ìlọ́po méjì. Kì í bú lọ́jọ́ kan. Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, ọdún méjì, ẹ ní kò ṣe nǹkan kan, lọ́jọ́ tí bébà wá rún, wáyà kan wáyà, ẹ gbọ́ gbòlà, ọ́ìlì ti dà sílẹ̀.

Ṣèyí Ìpẹ́rù
Tiwa ní Ìpẹ́rù, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gbé omi lọ dà sí i lára lálẹ́ tó bá ti gbóná, wọ́n ní ó ń jẹ́ kó tutù. Ṣé ẹ̀yin náà ti gbìyànjú ẹ̀?

Àgbà Orí Òpó
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Òótọ́ ni pé ìtutù ń ràn án lọ́wọ́, ìdí tí wọ́n fi ṣe páìpù sí i lára nìyẹn kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, torí ẹ̀ kẹ́ ẹ gé igbó tó bò ó, kẹ́ni kẹ́ni má sì na aṣọ tàbí patẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àmọ́ iná tó ń wọ orí ẹ̀ lókè yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mọ́kànlá fóòtì ni, ibòmíràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kò dìgbà tó o bá fọwọ́ kàn án. Omi tó o dà lọ́wọ́ ẹ máa gbé e wá bá ẹ. Ṣèyí, lọ bá àwọn ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, má dúró dọ̀la.

Èkejì: Akọ̀wé, fíúsì tó ń já yẹn, kí ni wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀?

Akọ̀wé Ìtún
Bàbá, ẹ má bínú o. Wáyà ni. Wọ́n ní fíúsì gidi ti wọ́n jù, wọ́n bọ́ wáyà kọ́pà, wọ́n lọ́ ọ pọ̀, wọ́n ní èyí ò ní tètè já.

Àgbà Orí Òpó
Kò ní tètè já lóòótọ́. Fíúsì 400 tó yẹ kó wà níbẹ̀, tó bá já, ó ń sọ fún yín pé ẹrù ti pọ̀ jù, owó fíúsì lẹ fi gba tiransifọ́mà là. Wáyà tí wọ́n lọ́ yẹn á jẹ́ kí 510 máa kọjá, kí 600 máa kọjá, ohun tó máa já níkẹyìn ni kọ́ìlì inú àgbá. Tí wọ́n bá sì ń rí i pé ó ń já pẹ̀lú wáyà tó ki bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti dè é gan-an ló ń jó. Ẹ lọ wò ó lójú ọ̀sán láti ẹ̀yìn fẹ́ńsì, ẹ má wọlé, bí ibi kan bá ti dúdú tàbí rọ́bà kéébù ti yọ́, ìyẹn ni.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Bàbá, mo gbọ́ ti bí wọ́n ṣe máa pín in, àmọ́ ìyẹn náà ò sọ 500 di asán. Tí àwọn ará Èkó bá wálé fún Ojúde Ọba ńkọ́? Gbogbo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ti wà ní títì látọdún tó kọjá, wọ́n á ṣí i lọ́jọ́ kan náà, éésì mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀rọ omi gbígbóná, pọ́ǹpù. 343 yẹn á di 450 lọ́sàn-án gangan.

Àgbà Orí Òpó
Ó wí ire níbẹ̀, mi ò ní jiyàn. Láti 343 dé 417, àyè tó kù ò pọ̀, Iléyá lè jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ pín in ná. 500 á gbé bí 695 lórí fésì kan, òótọ́ ni, rẹ́ẹ̀dì yín á sinmi. Ṣùgbọ́n kéébù tó jáde láti inú tiransifọ́mà àti wáyà tó wà lórí òpó, àwọn náà ńkọ́? Wáyà kan náà ló ṣì máa gbé 510 yẹn lọ sọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ilé tó wà ní ìparí láìnì á ṣì máa rí fóòtì tó rẹlẹ̀. Ẹ ti ná owó, ìyá àgbà á tún dìde nípàdé kejì pé iná òun ò gbé fíríìjì.

Ohun kan tún wà: ẹ má ra tiransifọ́mà fúnra yín láìkọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ iná, kẹ́ ẹ sì gba ìwé àdéhùn ṣáájú. Òfin àjọ tó ń ṣàkóso iná sọ pé iléeṣẹ́ iná ló ni ojúṣe tiransifọ́mà àti wáyà, tí ìlú bá fẹ́ fi owó ara wọn rà á, àdéhùn ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa dá owó náà padà. Láìsí àdéhùn, ẹ ti fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Wẹ́dà Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ jẹ́ kémi náà sọ̀rọ̀ torí àwa wẹ́dà la máa ń jẹ̀bi gbogbo nǹkan. Akọ̀wé, aago mélòó ni wẹ́dà yín ń ti ṣọ́ọ̀bù? Èmi, tó bá ti di aago mẹ́fà mo ti ń lọ jẹun. Fíúsì yín ń já ní aago méje àbọ̀. Ṣé òkú mi ló ń jó irin lálẹ́ ni?

Akọ̀wé Ìtún
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tiwa náà ń tì ní aago mẹ́fà. Mo máa sọ ọ́ nípàdé.

Àgbà Orí Òpó
Kì í ṣe òun ló ń já fíúsì, ó kàn ń jẹ́ kí bọ́ọ̀bù àwọn ará ilé máa ṣẹ́jú lọ́sàn-án ni. Tó bá wà lórí rẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n gbé e lọ sórí búlúù nígbà tí wọ́n bá ń pín.

Alẹ́ ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ilé kan fún yín. Áyọ́ọ̀nù, nǹkan bí ampíà 5. Pọ́ǹpù họ́ọ̀sì kan, 5 tó bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lásìkò tó ń ta gìrì yẹn ó lè fa 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Éésì họ́ọ̀sì kan àbọ̀, 5 sí 6. Sítóòfù oníná ojú kan, 8. Ẹ wá fi fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti bọ́ọ̀bù énájì mẹ́fà wé e, gbogbo wọn lápapọ̀ ò tó ampíà 2. Torí náà kí wọ́n má pa bọ́ọ̀bù tàbí fáànù ẹnikẹ́ni, ìyẹn kì í ṣe ẹrù. Láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n má fa omi, kí wọ́n má lọ aṣọ, kí wọ́n má dáná pẹ̀lú iná. Omi, kí wọ́n fà á láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án sínú táǹkì. Tí ilé ogójì lórí rẹ́ẹ̀dì bá pa pọ́ǹpù nìkan lálẹ́, tó jẹ́ pé ìdajì wọn ló ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà tẹ́lẹ̀, ọgọ́rùn-ún ampíà lẹ ti gbé kúrò láìnáwó.

Ṣèyí Ìpẹ́rù
Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ bàbá, wọ́n ní àwọn ò ní ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ti owó iná ńkọ́, mítà mi ń sáré bí ẹṣin, ṣé ofalóòdù ló ń fà á? Báńdì A la wà.

Àgbà Orí Òpó
O ṣeun ọmọ mi. Ti mítà kì í ṣe ọ̀rọ̀ èyí. Báńdì A, láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti gbé owó ẹ̀ sókè, ohun tó o ń rí nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò tìẹ lọ́tọ̀.

Olùkọ́ Físíìsì Ìlíṣàn
Ẹ kúu ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi ohun kan kún ti bàbá, torí ó máa ń pa dúkìá. Tí fésì mẹ́ta ò bá bára wọn dọ́gba, wáyà kẹrin tí wọ́n ń pè ní nútírà ló máa gbé ìyàtọ̀ yẹn padà. Mo ṣírò ti Akọ̀wé, 510, 330, 190, nǹkan bí 278 ampíà ló ń gba nútírà padà. Tí wọ́n bá pín in dọ́gba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí nǹkan kan níbẹ̀. Nútírà tó gbóná bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n so ó pọ̀ lè jó já, lọ́jọ́ tó bá sì já, àwọn tó wà lórí búlúù tó fúyẹ́ lè rí bí 300 fóòtì, àwọn ti rẹ́ẹ̀dì á máa rí bàìbàì. Ẹ sọ fún wọn nípàdé: tẹ́ ẹ bá rí i tí bọ́ọ̀bù ilé yín ṣàdédé funfun kọjá ààlà, tí ilé kejì ní tòun ń kú lọ, ẹ má ronú, ẹ lọ pa méènì-súwíìṣì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe àwọn oníná.

Àgbà Orí Òpó
Olùkọ́, ẹ ṣeun, ìyẹn gan-an ló jó tẹlifíṣọ̀n odidi òpópónà kan lójú mi rí.

Ó ku ti ìgbà tí iná bá ń dé. Tí iná ti lọ látàárọ̀, gbogbo fíríísà ti gbóná, gbogbo ìnfátà ti ṣófo, táǹkì ti gbẹ. Iná dé báyìí, gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìnfátà ńlá kan ṣoṣo lè fa ampíà 12 láti fi ṣáájì bátìrì ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ iye ilé tó ti ní i báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é báyìí: tí iná bá lọ, kí wọ́n yọ fíríísà, éésì, pọ́ǹpù àti ìnfátà, kí wọ́n fi bọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀gbà tó dé. Tó bá dé, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fíríísà ló máa kọ́kọ́ wọlé, ìnfátà di ìgbà tí ìlú bá sùn.

Ìyá Ẹlẹ́ja Yìnyín
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò burú, ẹja mi ò ní bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bàbá, ta ló máa ṣọ́ àwọn tí ò ní ṣe é? Èmi yọ tèmi, aládùúgbò mi tan tiẹ̀, tèmi ló ń bàjẹ́.

Wẹ́dà Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ bu owó ìtanràn lé e. Àdúgbò wa ń gbà á.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ìtanràn máa dìjà ni o. Ta ló máa wọlé ọlọ́lá tó ti Èkó dé lọ wo éésì ẹ̀?

Akọ̀wé Ìtún
Mo rò pé mi ò ní dá ti ìtanràn sílẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí Olórítún àti àwọn àgbà gbé e yẹ̀ wò. Bàbá, ẹ wá sọ fún mi, báwo la ṣe máa pín in? Àwa la máa gun òpó ni?

Àgbà Orí Òpó
Rárá! Kí ọmọ àdúgbò kankan má gun òpó, òkú wọn pọ̀ ju iye tí ẹ ń gbọ́ lọ. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná ló máa gùn ún. Iṣẹ́ tiyín ni àkọsílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òpó tó sún mọ́ tiransifọ́mà, ẹ kọ nọ́ḿbà òpó, ilé tó so mọ́ ọn, àti fésì tó wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá mọ fésì, lọ́jọ́ tí rẹ́ẹ̀dì bá tún já, kí gbogbo ẹni tí iná ẹ̀ kú kọ orúkọ sórí Wasáàpù ìtún, ẹ ti rí àwọn ti rẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Bí 160 ampíà ló yẹ kó kúrò lórí rẹ́ẹ̀dì lọ sórí búlúù. Rẹ́ẹ̀dì á di 350, búlúù 350, yẹ́lò wà ní 330 tiẹ̀. Tá a bá ní ilé kan ń lo bí ampíà 6 lálẹ́, ilé bíi 27 nìyẹn, ẹ kọ́kọ́ mú àwọn tó sá kúrò lórí búlúù nígbà òjò. Ẹ mú wọn káàkiri láti orí òpó dé orí òpó, ẹ má mú gbogbo wọn ní ìparí láìnì. Ẹ fi àkọsílẹ̀ yẹn àti bébà mítà sínú lẹ́tà, Olórítún fọwọ́ sí i, ẹ béèrè fíúsì gidi nínú ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n padà wá wọn ampíà lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pín in tán. Lálẹ́ o, kì í ṣe aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tí gbogbo ènìyàn wà lóko. Ṣéńjì-ófà inú ilé, ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà pé òun ò ní yí i mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀ á padà lóṣù kejì.

Ti ìpàdé, ẹ má bá wọn sọ ampíà. Ẹ ra omi inú ọ̀rá, àpò mẹ́wàá. Ẹ pe ọmọkùnrin mẹ́ta tí agbára wọn dọ́gba síwájú, ẹ gbé àpò márùn-ún lé ọ̀kan lórí, mẹ́ta lé èkejì, méjì lé ẹ̀kẹta. Bébà yín gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé márùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ wá bi wọ́n bóyá ọmọ kẹrin ni kẹ́ ẹ lọ wá tàbí kẹ́ ẹ gbé àpò kan ààbọ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Akọ̀wé Ìtún
Bàbá mi, ẹ̀mí yín á gùn. Omi yẹn ni wọ́n sì máa mu lẹ́yìn ìpàdé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: àwọn ilé mẹ́jọ tó wà ní ìparí láìnì, lọ́nà oko, iná wọn rẹlẹ̀ kódà láàárọ̀ tí kò sí ẹrù. Ṣé pípín yìí máa dé ọ̀dọ̀ wọn?

Àgbà Orí Òpó
Á ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá rẹlẹ̀ láàárọ̀ pàápàá, wáyà ni, ó gùn jù tàbí ó tín-ín-rín jù, tàbí ibi tí wọ́n so pọ̀ kan ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Òpó mélòó ló wà láàárín wọn àti tiransifọ́mà, irú wáyà wo ló sì wà níbẹ̀?

Akọ̀wé Ìtún
Mi ò tíì kà á. Mo máa rìn ín lọ́la.